Àtẹ iṣẹ́ ìsìnkú: ìlà kan, orúkọ ẹnì kan

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣúárì kan ní Ìlọrin láti gbé òkú àbúrò bàbá mi wá sílé ní Yàgbà. Pósí wà nínú áńbúláǹsì, agbádá tí a fẹ́ wọ̀ fún un wà nínú báàgì, dírẹ́bà ti kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà Òmù-Àrán. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń bó ẹ̀pà jẹ. Ó gba ìwé wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Owó yín ò tíì pé o."

Kò sẹ́ni tó jí owó nínú wa. Ohun tí a kọ síwájú "mọ́ṣúárì" nínú ìwé ìpàdé ni "àwọn ọmọ". Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́kọ́jà rò pé èyí tó wà ní Ìlọrin ti san án. Èyí tó wà ní Ìlọrin san iye tí wọ́n bù fún un lọ́jọ́ tó lọ, ó gbà pé ó tán síbẹ̀. Ká tó rí owó kó jọ, tí ẹ̀rọ ìsanwó sì tó gbà á wọlé, aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé ilé, àwọn akọrin tó wá fún orin alẹ́ ti kọ tiwọn tán, wọ́n ti ń ká àga.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di akọ̀wé kọmítì ìsìnkú nínú ẹbí wa, èmi náà ò sì mọ bó ṣe di tèmi. Bí mo ṣe ń ṣe àtẹ iṣẹ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín. Ìsìnkú ni mo mú, nítorí òun ló ní ìlà tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ lè lo àtẹ kan náà, kó yọ ìlà òkú kúrò, kó sì rántí pé ọjọ́ 8 péré ló ní láti ìgbà tí ọmọ ti dáyé. Kò sáyè ìpàdé méjì níbẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó mú bírò

Àtẹ ò ṣe é ṣe láìsí ọjọ́, nítorí pé láti ọjọ́ ìsìnkú ni a ti ń kà padà sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa, Jímọ̀ tàbí Sátidé ni ìsìnkú sábà máa ń bọ́ sí, orin alẹ́ a ṣáájú rẹ̀, ìdúpẹ́ a sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kéde ọjọ́: pásítọ̀ tàbí fádà ìjọ tí olóògbé ń lọ, olórí ẹbí, àti ẹni tó mọ ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tí ọjà ìlú bá bọ́ sí ọjọ́ ìsìnkú, àwọn obìnrin tí ẹ gbójú lé fún iṣu gígún àti ọbẹ̀ máa wà nídìí àtẹ wọn. Tó bá sì bọ́ sí ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ìlà "oúnjẹ" ti rọrùn fún yín nìyẹn, nítorí iṣu àti ata á wà nítòsí.

Tí ọjọ́ bá ti dúró, ẹ pè é ní Ọjọ́ 0. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni -1, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni -7. Mo fẹ́ràn kí n kọ nọ́ńbà yìí mọ́ orúkọ ọjọ́, torí pé tí wọ́n bá sún ìsìnkú síwájú, orúkọ ọjọ́ lè yí, nọ́ńbà ò ní yí.

Òpó mẹ́fà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀

Ẹ fa òpó mẹ́fà: iṣẹ́, ẹni tó ni ín, gbèdéke, owó tí a rò, owó tó ti jáde, ẹ̀rí. Mo ti rí àtẹ tó ní òpó mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó kà á tán.

Òpó "ẹni tó ni ín" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe "àwọn ọmọ", kì í ṣe "àwọn ìyàwó ilé", kì í ṣe "ẹ̀gbọ́n àti àbúrò". Ẹni yẹn lè rán èèyàn mẹ́wàá níṣẹ́, ṣùgbọ́n òun la máa pè lálẹ́ Àìkú láti béèrè. Ẹ má sì fi orúkọ àgbàlagbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ẹ fi í ṣe alága. Ẹni tó lè gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀dọ̀ mésìnì láàárọ̀ kùtù ni kí ẹ kọ síwájú sàréè.

Ẹ tún wo ibi tí ẹni náà ń gbé. Ọmọ tó wà ní Àbújá lè ṣètò ìwé ètò ìsìn, kò lè mójú tó omi. Mo mọ ìdílé kan tó fi ìlà "dúrọ́ọ̀mù omi" fún ọmọ wọn tó wà ní Èkó, nítorí òun ló lówó. Owó wọlé lóòótọ́. Omi ni kò wá, torí pé kò sẹ́ni tó lọ bá oníomi.

Òpó "ẹ̀rí" ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Lójú tèmi, "mo ti bá wọn sọ̀rọ̀" kì í ṣe iṣẹ́ tó parí. Iṣẹ́ parí nígbà tí rìsíìtì bá wà, tàbí fọ́tò, tàbí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ̀rí áńbúláǹsì ni rìsíìtì owó àsansílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ̀rí pósí ni fọ́tò pósí náà gan-an, tí tépù ìwọ̀n wà lórí rẹ̀.

Ìlà mọ́ṣúárì

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì máa tẹ̀ lé e títí dé òpin. Ìyá àgbà kan kú ní Ìlọrin ní Ọjọ́ Ajé. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Ẹbí pàdé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n mú Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà fún ìsìnkú ní Ìsánlú. Ọjọ́bọ̀, ìyẹn -1, ni wọ́n máa gbé òkú. Iye tí mo máa kọ, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi iye ti ìlú yín rọ́pò rẹ̀.

Mọ́ṣúárì ń gba ₦2,000 lójúmọ́, ₦45,000 fún oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, àti ₦15,000 fún wíwẹ̀ àti wíwọṣọ. Ní ọjọ́ ìpàdé, òkú ti lo ọjọ́ 6, owó ọjọ́ sì jẹ́ ₦12,000. Akọ̀wé tí kò bá ṣọ́ra á kọ ₦57,000 sílẹ̀, ìyẹn owó oògùn àti owó ọjọ́ tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́ Ajé yẹn dé Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa gbé e, ọjọ́ 39 ni. Owó ọjọ́ di ₦78,000. Tí a bá fi oògùn àti wíwẹ̀ kún un, ó di ₦138,000. ₦81,000 ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àṣìṣe tó dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì lọ́jọ́ kìíní àná náà nìyí.

Tí ẹ bá ń fi fóònù ṣe àtẹ náà, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí òkú wọlé sí B2, ọjọ́ tí ẹ máa gbé e sí C2, kí ẹ sì kọ èyí sí D2:

```
=(C2-B2+1)*2000+60000
```

Tí ẹbí bá sún ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ mìíràn, iye á yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni tó ń pariwo pé ká sún un síwájú á sì rí iye tí ariwo náà ń jẹ. Kí ẹ tó lo `+1` yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ mọ́ṣúárì bóyá wọ́n ń ka ọjọ́ tí ẹ gbé e. Àwọn kan ń kà á, àwọn kan ò kà á.

Gbèdéke ìlà yìí jẹ́ méjì. Ní -7, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ lọ bu gbogbo owó náà títí dé ọjọ́ gbígbé, kó san án, kó sì béèrè àwọn ìwé tí wọ́n máa fẹ́ rí kí wọ́n tó tú òkú sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Ní -2, kó gbé aṣọ lọ, kó sì tún dúró gbọ́ láti ẹnu òṣìṣẹ́ pé kò sí gbèsè kankan mọ́.

Ìlà sàréè, àti àpáta

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé àpáta lè wà lábẹ́ erùpẹ̀ tó dára lójú. Àwọn ọ̀dọ́ á gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta pẹ̀lú orin, lẹ́yìn náà dígà á kan nǹkan tó ń dún bí agogo. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ìsìnkú ló ṣẹlẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìwàásù tó gùn jù láyé yín, nítorí pásítọ̀ máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn kí wọ́n lè rí i gbẹ́ tán.

Nítorí náà, ní -6, tó jẹ́ Sátidé tí àwọn ọ̀dọ́ wà nílé, ni kí ẹ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi olórí ẹbí. Àwọn agbo ilé kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá sàréè tó là sílẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi irin gígùn gún ilẹ̀ wò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Níbi tó bá ti kọ̀ láti wọlé, ẹ sún ibẹ̀ sápá kan. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ gbẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi páànù bò ó, kí ẹ sì gbé òkúta lé e nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n nínú, ìṣirò rẹ̀ ò le. Sàréè tí inú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní fífẹ̀ ní àyíká ẹsẹ̀ bàtà 24. Búlọ́ọ̀kù kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, torí náà 16 ló máa yí i po lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá tò ó ní ipele márùn-ún, ó di 80. Ẹ ra 85, torí pé díẹ̀ á fọ́ lójú ọ̀nà. Ní -4 ni kí mésìnì tò ó.

Ohun tó máa ń pẹ́ jù ni pẹpẹ kọnkéré tí wọ́n máa fi bò ó lójú. Kọnkéré tí wọ́n dà lánàá ò ṣe é gbé. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méje ó kéré tán, kí ẹnì kan sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fa omi gbẹ kíákíá. Nítorí náà, -10 ni gbèdéke dídà á, kí wọ́n sì dà á ní ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé, kì í ṣe ẹyọ ńlá kan. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò tíì tó gbé: ẹ fi èékánná ha etí rẹ̀. Tí iyanrìn bá ń ṣí, ẹ fi sílẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, búlọ́ọ̀kù 85 ní ₦500 jẹ́ ₦42,500, símẹ́ńtì àpò 8 ní ₦10,000 jẹ́ ₦80,000, iyanrìn àti irin ₦30,000, mésìnì ₦40,000, oúnjẹ àti ohun mímu àwọn ọ̀dọ́ ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ ₦222,500. Ẹ má ṣe kó èyí tó gbẹ̀yìn yìí pọ̀ mọ́ oúnjẹ àlejò. Ebi ò gbọdọ̀ pa ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún yín, kó máa dúró kí ìyàwó ilé rántí rẹ̀.

Ìlà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí

Gbèsè ni. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ ìlú lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ṣí ìwé wò kí wọ́n tó gbà láti ṣe ìsìnkú: owó ẹgbẹ́ obìnrin, owó ilé ìjọsìn tí wọ́n ń kọ́, owó ìdàgbàsókè ìlú, nígbà mìíràn ti àwọn ọmọ fúnra wọn. Ọmọ tí kò wálé fún ọdún mẹ́wàá á kàn gbọ́ pé òun jẹ gbèsè, ìjà á bẹ̀rẹ̀ níwájú òkú.

Ẹ yan ẹnì kan tó wà nílé, tí ẹnu rẹ̀ sì tútù. Kó lọ sọ́dọ̀ akápò ìjọ àti ti ẹgbẹ́ ìlú kí ó tó di -28, kó kí wọn ní "Òkun o", kó sì béèrè fún àkọsílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí gbèsè bá pọ̀, àkókò ṣì wà láti bẹ̀bẹ̀. Ní -2, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́, sísan ló kù. Àpẹẹrẹ wa ní ₦64,000.

Ìlà àṣà náà ń bá èyí rìn. Ní Bùnú, tí olóògbé bá jẹ́ olóyè, tí ẹbí sì fẹ́ fi aṣọ ìpò ṣe é, aṣọ pupa yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré rà lọ́jà lọ́jọ́ tó kù ọ̀la. Ẹni tó ni ìlà náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹbí tó ní in láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àtẹ náà rèé

| Iṣẹ́ | Ẹni tó ni ín | Gbèdéke | Owó tí a rò |
|---|---|---|---|
| Gbèsè ìjọ àti ìlú | Àbúrò olóògbé, nílé | -28 | ₦64,000 |
| Mọ́ṣúárì | Ọmọ kejì, Ìlọrin | -7 àti -2 | ₦138,000 |
| Áńbúláǹsì | Ọmọ kẹrin, Ìlọrin | -14 | ₦180,000 |
| Pósí | Àkọ́bí, Lọ́kọ́jà | -10 | ₦250,000 |
| Sàréè | Ọmọ ẹ̀gbọ́n, nílé | -10, -6, -4 | ₦222,500 |
| Ìwé ètò, ẹ̀dà 300 | Ọmọ karùn-ún, Àbújá | -14 ọ̀rọ̀, -5 ìwé | ₦210,000 |
| Oúnjẹ ìjọ àti ará ìlú | Ìyàwó àkọ́bí | -3 | ₦500,000 |
| Kánọ́pì àti àga | Ọmọ kẹfà, Kàbà | -7 | ₦120,000 |
| Omi àti jẹnẹrétọ̀ | Ọmọ àbúrò, nílé | -2 | ₦90,000 |

Mo yọ òpó "owó tó ti jáde" àti "ẹ̀rí" kúrò níhìn-ín kó má bàa fún jù. Ẹ fi wọ́n sí tiyín. Àròpọ̀ rẹ̀ ni ₦1,774,500. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ohun tí ojú ò rí, ₦177,450, ó di ₦1,951,950. Tí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá pín in dọ́gba, ₦325,325 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ₦330,000 kí ẹ má bàa máa wá náírà márùn-ún márùn-ún.

Àpò ilé nìkan ló wà nínú àtẹ yìí. Màlúù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ pa fún àlejò tirẹ̀, aṣọ ẹbí, onílù tí àna mú wá, ẹ má jẹ́ kó wọ inú rẹ̀. Aṣọ ẹbí pàápàá, ẹ ní ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀, kí akápò rẹ̀ sì jẹ́ ẹlòmíràn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi owó aṣọ ẹbí san kánọ́pì, tí aláṣọ sì wá dúró sáàárín àgbàlá ní ọjọ́ ìdúpẹ́.

Ìlérí kì í ṣe owó

Ní ọjọ́ ìpàdé, gbogbo ọmọ á dáhùn. "Èmi á mú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí." Ẹ kọ ìlérí sí ìwé ẹ̀yìn. Ohun tó bá wọ ọwọ́ akápò nìkan ni kí ẹ fi ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fi -14 ṣe ọjọ́ kíka owó. Ká ní mẹ́rin nínú mẹ́fà ti san, ₦1,320,000 ló wà nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí ìsìnkú ò lè wáyé láìsí i: gbèsè, mọ́ṣúárì, áńbúláǹsì, pósí, sàréè. Àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦854,500. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦465,500 fún ìlà mẹ́rin tó kù, tí gbogbo wọn sì ń bèèrè ₦920,000. Ẹ gé ìwé ètò sí ẹ̀dà 150, ó di ₦105,000 tí atẹ̀wé ò bá gbówó lórí nítorí ẹ̀dà tó kéré. Ẹ fi ₦90,000 sílẹ̀ fún omi àti iná. Kánọ́pì, ẹ mú méjì dípò mẹ́rin, ₦60,000. Oúnjẹ á gba ₦210,500 tó ṣẹ́kù: iṣu látinú oko ẹbí, kí ẹ sì fi owó ra ẹran àti ẹ̀gúsí. Tí àwọn méjì yẹn bá sanwó ní -3, ẹ fi kún ẹran. Ẹ má sáré padà lọ tẹ ìwé.

Lálẹ́ Àìkú

Akọ̀wé á ya fọ́tò àtẹ náà, á fi ránṣẹ́ sí Wásáàpù ẹbí lálẹ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan á wà lára ògiri pálọ̀ nílé, torí pé bàbá àgbà kì í ka Wásáàpù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kì í sì í fìgbà gbogbo wà. Ìlà tó parí, ẹ fi bírò aláwọ̀ ewé fà á. Èyí tó ti kọjá gbèdéke, ẹ fi pupa. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹni tí ìlà rẹ̀ pupa á pe yín fúnra rẹ̀.

Tí ìlà kan bá pupa ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí alága ló sọ ọ́, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe akọ̀wé.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́, kí àwọn ará Àbújá tó wọkọ̀, akápò á ka àtẹ náà sókè láti ìlà kìíní dé ìkẹsàn-án: owó tí a rò, owó tó jáde, rìsíìtì. Ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ kọ ibi tó wà: símẹ́ńtì àpò kan ní ilé mésìnì, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lẹ́yìn ilé, àga méjì tó fọ́ tí oníkánọ́pì á béèrè owó rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.